Ìkìlọ̀: Ẹ Má Fọwọ́ Sí Ìwé Ìlànà Iṣẹ́ Tuntun Nítorí Àkópọ̀ Ojú Ewé Kan

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìtajà ńlá, ilé epo, báńkì, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni àti ilé ìwòsàn aládàáni, ìkìlọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ tuntun fún yín, tí wọ́n lẹ ojú ewé kan mọ́ iwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ "Àwọn ohun tó yí padà nìyí" sí, ẹ má tìtorí ojú ewé yẹn fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ béèrè ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wo ohun tó yàtọ̀.

Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ni yóò dè yín, àkópọ̀ kọ́. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àkópọ̀ náà ní lẹ́tà kéékèèké pé bí àkópọ̀ bá tako ìwé ìlànà, ìwé ìlànà ni àwọn yóò tẹ̀ lé. Ẹni tó ka ojú ewé kan, tó sì fọwọ́ sí ogójì, ti gba ohun tó wà nínú mọ́kàndínlógójì tí kò kà.

Kì í ṣe pé gbogbo ọ̀gá ló fẹ́ rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́yà ló ń tún ìwé ìlànà kọ, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń kọ àkópọ̀. Wọ́n á ti kọ àkópọ̀ tán, lọ́yà á tún padà wá yí gbólóhùn méjì mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó máa rántí lọ tún àkópọ̀ ṣe. Bí déètì tó wà lórí àkópọ̀ bá ṣáájú èyí tó wà lórí ìwé ìlànà, ẹ fura. Àmọ́ ì báà jẹ́ àṣìṣe, ì báà jẹ́ ọgbọ́n àyínìke, orí òṣìṣẹ́ náà ni yóò já lé.

Ibi mẹ́ta ni ewu ti sábà máa ń wá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ilé ìtajà ńlá kan ṣàlàyé rẹ̀. Èmi ni mo ṣe àpẹẹrẹ náà kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, kì í ṣe ìwé ilé-iṣẹ́ kan pàtó.

Gbólóhùn tí wọ́n ní àwọn kàn gé kúrú

Nínú ẹ̀dà àtijọ́, apá 6.3 sọ pé: "Bí owó inú àpótí bá dín, káṣíà yóò kọ àlàyé láàárín ọjọ́ 2. Ilé-iṣẹ́ lè gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìwádìí bá fi hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó fi iṣẹ́ ṣeré." Nínú ẹ̀dà tuntun, apá kan náà sọ pé: "Bí owó inú àpótí bá dín, ilé-iṣẹ́ yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù káṣíà." Ohun tí àkópọ̀ wá sọ nípa rẹ̀ ni pé: "Apá 6: a gé ọ̀rọ̀ kúrú kí ó lè tètè yé òṣìṣẹ́."

Irọ́ kọ́ ni àkópọ̀ pa. Ọ̀rọ̀ náà kúrú sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bá a lọ. Àǹfààní láti ṣàlàyé ti lọ. Ìwádìí ti lọ. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé káṣíà jẹ̀bi kí wọ́n tó lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, bí ẹ̀rọ bá ṣi owó kà, tàbí bí alábòójútó bá mú owó nínú àpótí láìkọ ọ́ sílẹ̀, káṣíà ni yóò san án. Ibi tí wọ́n ti wí pé ilé-iṣẹ́ "lè" ṣe nǹkan náà, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí ilé-iṣẹ́ "yóò" ṣe, kò sì sí ẹni tí òṣìṣẹ́ lè bẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Káṣíà kan ń gba ₦75,000 lóṣù. Owó dín ní ₦40,000. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé apá 6.3 tuntun bó ṣe wà, ₦35,000 ni yóò mú lọ sílé lóṣù yẹn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Abala 5 òfin náà kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ rárá. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí ó fi iṣẹ́ ṣeré tí nǹkan fi sọnù, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tó bójú mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin yàn láti máa rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyọ̀ǹda yẹn pàápàá, gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá mẹ́ta ₦75,000 jẹ́ ₦25,000. Nítorí náà, ₦50,000 ló kéré jù tí káṣíà yìí gbọ́dọ̀ mú lọ sílé.

Ẹnìkan lè wí pé níwọ̀n bí òfin ti wà, kí ló tún kan ìwé ilé-iṣẹ́? Ó kàn án gan-an. Ẹni tó fọwọ́ sí apá 6.3 kì í sábà mọ̀ pé abala 5 wà. Ọ̀gá á na ìwé sí i, á ní "Ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ síbí?", òun náà á sì panu mọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni Òfin Iṣẹ́ bò. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ló wà fún. Máníjà, dókítà, ẹnjiníà àti irú wọn kò sí lábẹ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn wọn ni wọ́n máa ń gbójú lé. Nítorí náà, bí ipò ẹni bá ṣe ga tó lẹ́nu iṣẹ́ ni ìwé tó fọwọ́ sí ṣe máa ń dè é tó.

Ibi tí wọ́n ti sọ pé kò sí àyípadà

Èyí ló burú jù, nítorí ẹni tó fara balẹ̀ ka ìwé pàápàá lè má rí i.

Apá 9 nínú ẹ̀dà méjèèjì sọ pé: "Ilé-iṣẹ́ lè yẹ ohun èlò ilé-iṣẹ́ wò nígbàkigbà." Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan tó yàtọ̀. Àkópọ̀ náà sọ pé: "Apá 9: kò sí àyípadà." Òótọ́ ni.

Ẹ wá ṣí apá 1, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀dà àtijọ́, ohun èlò ilé-iṣẹ́ ni "kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́." Nínú ẹ̀dà tuntun, ohun èlò ilé-iṣẹ́ ti di "ẹ̀rọ èyíkéyìí tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́." Báwo ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ọ̀gá á ṣí ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù fún ẹ̀ka wa, orí fóònù tí a fi owó ara wa rà la ti ń dáhùn. Fóònù yẹn ti wọ inú ìtumọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ìyàwó yín tàbí ọkọ yín sọ, fọ́tò àwọn ọmọ, àkáǹtì báńkì yín, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tí apá 9 sọ pé wọ́n lè yẹ̀ wò nígbàkigbà. Apá 9 kò yí padà, ibi tó ń nawọ́ dé ló yí padà.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, ẹ sì lè gbójú lé e bí wọ́n bá fẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ takò ó nígbà tí ìwé ṣì wà lórí tábìlì ju kí ẹ máa jà lẹ́yìn tí fóònù ti wà lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Apá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wéra, kí ẹ tó dé ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá yí padà, ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ wá gbogbo ibi tó ti jẹ yọ nínú ìwé náà. Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni, ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sí i, yóò gbé yín dé ibi kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ibẹ̀ ló ti yí padà, ohun yòówù tí àkópọ̀ ì báà sọ.

Ohun tí wọ́n yọ kúrò

Àkópọ̀ púpọ̀ kì í sọ ju ohun tuntun tí wọ́n fi kún ìwé lọ. Èyí tí wọ́n yọ kúrò kì í ní àyè níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, apá 11.4 àtijọ́ sọ pé ilé-iṣẹ́ kò ní fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá fi òótọ́ inú tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́. Nínú ẹ̀dà tuntun, ohun tó wà ní 11.5 tẹ́lẹ̀ ti di 11.4. Nọ́ńbà tò lẹ́sẹẹsẹ, kò sí àlàfo tí ojú lè rí. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà tuntun nìkan kò ní mọ̀ láéláé pé ààbò kan ti wà níbẹ̀ rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Google lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 2018 jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá lórí èyí. Gbogbo ayé ló mọ gbólóhùn tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ wọn: ẹ má ṣe ibi. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lódindi ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀dà tí àwọn tó ń tọ́jú ojú ewé àtijọ́ ní Wayback Machine mú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún yẹn ṣì ní i. Ẹ̀dà tí wọ́n mú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kò ní i mọ́ níbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, déètì tí ojú ewé náà gbé sórí, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, ni ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wo déètì nìkan á rò pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó tẹ́ ẹ̀dà méjì sílẹ̀ ló rí i.

Ìhà kejì tún wà. Bí ìròyìn náà ṣe jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé Google ti yọ "ẹ má ṣe ibi" kúrò pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà ní gbólóhùn tó kẹ́yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ tó bá rí ohun tí kò tọ́ sọ̀rọ̀ sókè. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lé lọ́dún 2019 gbé lọ sílé ẹjọ́ ní Kalifóníà lóṣù kọkànlá 2021. Wọ́n ní àdéhùn ni, àti pé nítorí àwọn pa á mọ́ ni wọ́n ṣe lé àwọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní kì í ṣe ìdí nìyẹn, pé wọ́n rú ìlànà ilé-iṣẹ́ lórí ààbò ìsọfúnni ni. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé gbólóhùn kan tó ṣẹ́ kù lè di ohun tí ènìyàn fi ń jà fún iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gba àkópọ̀ ilé-iṣẹ́ gbọ́ láìwo ìwé, ẹ má sì gba àhesọ ìdí tábìlì oúnjẹ gbọ́ láìwo ìwé.

Bí ẹ ṣe máa fi ẹ̀dà méjì wéra

Ẹ̀dà àtijọ́ ló ṣòro jù láti rí. Ẹ wá a nínú ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí nínú ímeèlì ọjọ́ yẹn. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́, tàbí lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn ṣáájú tuntun yìí ni, kì í ṣe ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Bí méjèèjì bá wà ní fáìlì Word, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ ṣí Word, ẹ lọ sí Review, ẹ tẹ Compare, kí ẹ tún yan Compare lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà àtijọ́ sí Original document, ẹ fi ẹ̀dà tuntun sí Revised document, ẹ tẹ OK. Ohun tí wọ́n yọ á ní ìlà láàárín, ohun tí wọ́n fi kún un á ní ìlà lábẹ́. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè gbé e lọ sí kàfé, kó ní kí wọ́n bá òun ṣe é, kó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí. Bí ọ́fíìsì bá fi fáìlì kan ránṣẹ́ tí àwọn àyípadà ti ní àwọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ní "gbogbo àyípadà nìyẹn", ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Àyípadà tí wọ́n ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ nìkan ló máa ní àwọ̀. Bí ẹnìkan bá pa ìṣọ́ náà, tó yí gbólóhùn méjì padà, tó sì tún tan án, àwọn méjèèjì yóò dà bí ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ara yín ni kí ẹ fi wé e.

Ẹ̀rọ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìwé bá jẹ́ fọ́tò tàbí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, kò ní lè kà á dáadáa. Bí wọ́n bá gbé ìpínrọ̀ kan láti apá 4 lọ sí apá 12, ó lè fi hàn bíi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò níbì kan, wọ́n sì kọ tuntun síbòmíràn, nítorí náà ẹ wá a kí ẹ tó pariwo. Àti pé, bí mo ṣe wí lórí fóònù, yóò fi ìtumọ̀ tó yí padà hàn ní apá 1, kò ní sọ fún yín pé ó ti ran apá 9. Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín.

Bó bá jẹ́ ìwé títẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì jókòó. Kí ẹnìkan máa ka ẹ̀dà àtijọ́ sókè, kí ẹnì kejì máa fi bírò tẹ̀ lé e lórí tuntun. Ẹ̀dà àtijọ́ ni kí ẹ kà sókè, nítorí bó bá jẹ́ tuntun lẹ ń kà, ohun tí wọ́n yọ kúrò kò ní jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú

Ilé ẹjọ́ kì í tètè ṣàánú ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà. Nínú ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì dá lọ́dún 1934, obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ra ẹ̀rọ tó ń ta sìgá. Ó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fún un láìka ohun tí wọ́n kọ ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́, ẹjọ́ sì dé kóòtù, wọ́n ní ìwé tó fọwọ́ sí ti dè é, níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti tàn án jẹ. Àwọn lọ́yà ilẹ̀ wa ṣì ń kọ́ ìlànà ẹjọ́ yẹn, torí ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ni òfin àdéhùn tiwa ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè àkókò: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kà á dáadáa. Màá dá a padà lọ́jọ́ Ajé." Ẹ béèrè pẹ̀lú pé kí wọ́n ṣe àkópọ̀ tó péye fún yín: ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní òpó kan, ọ̀rọ̀ tuntun ní òpó kejì, ohun tó yọrí sí fún òṣìṣẹ́ ní òpó kẹta, tòun ti gbogbo ohun tí wọ́n yọ kúrò. Òfin Iṣẹ́ wà lẹ́yìn ẹni tó bò. Abala 7 sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá yí àwọn àdéhùn iṣẹ́ tí òfin ní kó kọ fún òṣìṣẹ́ padà, bí iye owó iṣẹ́ tàbí wákàtí iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un ní kíkọ láàárín oṣù kan, kó sì fún un ní ẹ̀dà tàbí kó jẹ́ kó rọrùn fún un láti kà á.

Bí ẹ bá rí apá tí ẹ kò fara mọ́, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú tó dárúkọ apá náà, ọ̀rọ̀ àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ tuntun, kí ẹ fi déètì sí i, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá ní dandan ni kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìfọwọ́sí pé "Mo gba ìwé yìí, mi ò fara mọ́ apá 6.3 àti ìtumọ̀ tuntun ní apá 1", kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Kí ẹ kàn máa ṣiṣẹ́ lọ láìsọ nǹkan kan kò dára tó, nítorí bó bá pẹ́, wọ́n lè sọ pé ẹ ti fi ìdákẹ́jẹ́ gbà á. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ má ṣe é lẹ́yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá lè ṣe é pọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Bí kò bá sí ẹgbẹ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín, tàbí Legal Aid Council bí ẹ kò bá lágbára owó lọ́yà. Bó bá di ẹjọ́, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, National Industrial Court, ni yóò gbọ́ ọ.

Bí ìwé tuntun bá wà lórí tábìlì yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fọwọ́ sí i lónìí. Ẹ lọ wá ẹ̀dà àtijọ́ kó tó pòórá, ẹ ṣí apá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.